Ríìngì 8 fún bíìmù 250 × 450: fọ́múlà yẹn ń jẹ ìrù ìkọ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Bíìmù mi fẹ̀ ní 250, ó ga ní 450, mítà 4 ló sì jẹ́ láti ojú òpó kan sí ojú òpó kejì. Ríìngì 8 ni, kọ́bà 25, àlàfo 150. Mo lo fọ́múlà 2(a + b) + 2×10d − 3×2d − 2×3d, 1264 ló bọ́ sí. Mo pín 4000 sí 150, ríìngì 26 ni mo rí. Àmọ́ ẹni tó ń tẹ irin fún mi ní kọ́bà ò kan ríìngì, pé ara irin ńlá ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n dé. Ṣé kí n ní kó máa gé e lọ?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì jẹ́ kó gé nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta lẹ kó wá, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó dúró dáadáa, àmọ́ àṣìṣe ju àṣìṣe lọ. Ti kọ́bà kò ní gbà wá lákòókò. Ti 26 náà kò ní pẹ́ púpọ̀. Fọ́múlà tẹ́ ẹ fi rí 1264 yẹn ni mo fẹ́ jókòó tì, torí ó ti sú mi. Láti orí fóònù dé orí fóònù ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí 3d tó wà nídìí rẹ̀ ti wá.

Mílímítà ni gbogbo ìwọ̀n gígùn tí mo bá kọ síbí, àyàfi ibi tí mo bá ti dárúkọ mítà. d ni sísanra irin ríìngì, tiyín sì jẹ́ 8.

Ẹ jẹ́ ká yanjú ti kọ́bà kíákíá. Kọ́bà ni kọ́ńkéré tó bo irin, láti ojú ìta kọ́ńkéré títí dé ara irin tó súnmọ́ ojú náà jù lọ. Irin wo ló wà nítòsí ojú jù nínú bíìmù? Ríìngì ni, òun ló wé irin ńlá mọ́ra. Nítorí náà ẹ̀yìn ríìngì ni 25 yẹn ń dúró sí. Bẹ́ẹ̀ ni ìlànà BS 8110 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni EN 1992 ti Yúróòpù. Ẹni tó ń tẹ irin fún yín kò kàn dá a rò lórí, ẹ má bá a jà. Ní ayé àtijọ́, àwọn ìlànà kan máa ń wọn kọ́bà dé ara irin ńlá lóòótọ́. IS 456 ti ilẹ̀ Íńdíà ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìtẹ̀jáde 1978, kí ti ọdún 2000 tó wá sọ ọ́ gbangba pé ríìngì náà wà lára irin tí kọ́bà gbọ́dọ̀ bò. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ní ìgbà yẹn ni tiyín ti kọ́ ọ.

Àmọ́ bẹ́ ẹ bá ṣe é bó ṣe wí, inú ríìngì ni yóò jẹ́ 200 × 400, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì di 216 × 416. Kọ́ńkéré tó kù láti bo ríìngì á di 17 dípò 25. Ríìngì ni ọ̀rinrin á kọ́kọ́ bá. Irin tó bá dípẹtà máa ń wú, ìpẹtà gba àyè ju irin tó jẹ lọ, ó sì máa ń la kọ́ńkéré láti inú wá. Bẹ́ ẹ bá wo abẹ́ bíìmù àtijọ́ kan, tẹ́ ẹ rí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ tó dá bíìmù náà ní ìbú, tí òmíràn tún wà níwájú díẹ̀, tí ìjìnnà wọn dọ́gba bí ẹni pé wọ́n fi tépù wọ̀n ọ́n, ríìngì ló ń sọ ibi tóun wà fún yín yẹn.

Kọ́bà wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì la óò yọ ọ́. a jẹ́ 250 − 25 − 25, ìyẹn 200. b jẹ́ 450 − 25 − 25, ìyẹn 400. Ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn ríìngì ni méjèèjì. Ẹ ti ṣe èyí dáadáa nínú ìṣirò yín, mo yìn yín fún un. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo fọ́múlà náà. Ó ní ká mú àyíká ríìngì, 2(a + b), ká fi ìrù ìkọ́ méjì kún un, 10d ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká wá yọ 2d fún igun mẹ́ta tó tẹ̀ ní dígírì 90, ká sì tún yọ 3d fún ìkọ́ méjèèjì tó tẹ̀ ní dígírì 135. Ó dùn ún kà létí. Ìtẹ̀ tó bá pọ̀ sí i, ohun tí a óò yọ á pọ̀ sí i, àbí? Ibẹ̀ gan-an ni ó ti tan gbogbo ayé.

Kí ló dé tí a fi ń yọ nǹkan nítorí ìtẹ̀? Irin kì í kúrú tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, a kò fi ọ̀bẹ bu nǹkan kan nínú rẹ̀. Ohun tí a ń yọ ni àlékún tí àwa fúnra wa fi sínú ìwọ̀n. Ẹ wo igun kan tó tẹ̀ ní 90. Ẹ wọn apá tó gùn ní 200 dé ṣónṣó igun ní ẹ̀yìn, ẹ tún wọn apá 400 dé ṣónṣó kan náà. Ṣùgbọ́n irin kò dé ṣónṣó yẹn láé. Ó yípo níbẹ̀ bí ẹni tó gba àárín pápá kọjá nígbà tí ọ̀nà ní kó rìn dé orígun kó tó yà. Ẹ ti ka ìrìn tí irin kò rìn, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi gbọ́dọ̀ dín in kù.

Èló ni? Irin 8 yẹ kó tẹ̀ lára èèkàn tí sísanra rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 4 tirẹ̀, ìyẹn 32. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìyípo náà bẹ̀rẹ̀ ní 24 kó tó dé ṣónṣó ní apá kan, ó sì parí ní 24 lẹ́yìn ṣónṣó ní apá kejì. Ẹ̀yin ka 48. Irin, tí a bá wọ̀n ọ́n ní àárín ara rẹ̀, rìn 31 àti díẹ̀. Ìyàtọ̀ jẹ́ bíi 16 àti ààbọ̀, ìyẹn 2d. Nítorí náà 2d fún igun 90 jẹ́ òtítọ́, mi ò bá a jà. Igun mẹ́ta bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ríìngì.

Ẹ wá bá mi dé igun kẹrin, níbi tí orí irin méjèèjì ti pàdé. Orí kọ̀ọ̀kan dé ibẹ̀, ó tẹ̀ ní 135 yí irin ńlá ká, ó sì wọnú bíìmù lọ. Ohun tó tọ́ jáde lẹ́yìn ìtẹ̀ yẹn ni mò ń pè ní ìrù, òun ni àwọn ìlànà ń sọ nígbà tí wọ́n bá ní 10d. Ẹ fi ìka tọ́ka sí i: ìrù bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìtẹ̀ ti parí. Kì í ṣe láti ṣónṣó igun.

Kí lẹ ti wọ̀n níbí yìí? Ẹ wọn apá ríìngì dé ṣónṣó, ẹ sì wọn ìrù. Ìtẹ̀ tó wà láàárín wọn ńkọ́? Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n. Apá yẹn fi 24 kù kí ó tó dé ṣónṣó, àmọ́ ìyípo 135 fúnra rẹ̀ jẹ irin tó tó 47. Nítorí náà fífikún ni, kì í ṣe yíyọ. 47 yọ 24, ìyẹn 23, la óò fi kún ìkọ́ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí ìrù. Fọ́múlà orí fóònù ní ká yọ 24. Ó yẹ kó wọlé pẹ̀lú 23, ó wá jáde pẹ̀lú 24, ó ti fi 47 ṣòfò lórí ìkọ́ kan. Ìkọ́ méjì ló wà.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹsẹ̀ rìn ín yí ríìngì náà ká, kí ẹnikẹ́ni má baà ní fọ́múlà tèmi náà la kàn ń gbà gbọ́. Apá kọ̀ọ̀kan pàdánù 24 ní orí méjèèjì. Apá 200 wá ṣẹ́ ku 152 tó tọ́, méjì rẹ̀ jẹ́ 304. Apá 400 ṣẹ́ ku 352, méjì rẹ̀ jẹ́ 704. Àpapọ̀ ibi tó tọ́ jẹ́ 1008. Igun 90 mẹ́ta jẹ 94. Ìtẹ̀ ìkọ́ méjì jẹ 94 mìíràn. Ó ṣẹlẹ̀ pé wọ́n dọ́gba torí pé ẹ̀ẹ̀mẹta 90 àti ẹ̀ẹ̀mejì 135 jẹ́ 270 kan náà. Ìrù méjì, 80 àti 80, jẹ́ 160. Ẹ ró gbogbo rẹ̀ pọ̀, 1356 ni. Ẹ gé e ní 1360.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tẹ́ ẹ lè kọ sí ara pátákó fún àwọn tó ń gé irin, òun nìyí:

```
L = 2(a + b) + 20d
  = 2(200 + 400) + 20 × 8
  = 1360
```

20d yẹn kì í ṣe àdììtú. Ìkọ́ kọ̀ọ̀kan mú bíi 13d wá, ìrù 10d pẹ̀lú ohun tí ìtẹ̀ jẹ. Igun mẹ́ta sì kó 6d lọ. 26 yọ 6. Àmọ́ ó ní àdéhùn: kí a àti b jẹ́ ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn, kí ìkọ́ tẹ̀ ní 135, kí ìrù jẹ́ 10d, kí èèkàn sì jẹ́ ìlọ́po 4. Bí àwòrán iṣẹ́ yín bá béèrè ìrù tó yàtọ̀, 20d kì í ṣe tiyín mọ́, ẹ tún un ṣírò bí mo ṣe rìn ín lókè yìí.

Ẹ wá wo ohun tí 1264 máa fún yín. Ibi tó tọ́ àti gbogbo ìtẹ̀ ti gba 1196. Ó ku 68 fún ìrù méjì, 34 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo oríkèé òkè àtàǹpàkò yín, bó ṣe mọ nìyẹn. Ẹ rò pé 80 lẹ fi síbẹ̀, torí pé 10d wà nínú fọ́múlà, ẹ fojú ara yín rí i. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún fún yín, ó sì fi tòsì gbà á padà.

Ẹnì kan lè ní, "Ṣé 34 kò tó ni?" Kò tó. EN 1992 wà lára èyí tó rọ̀ jù nínú àwọn ìlànà tí mò ń lò fún ìtẹ̀ 135: 5d ló béèrè, àmọ́ kò gbọdọ̀ dín ní 50. ACI 318 ti Amẹ́ríkà ní 6d, kò sì gbọdọ̀ dín ní 75. BS 8666 ní 10d fún ríìngì tí ìtẹ̀ ìkọ́ rẹ̀ kò bá tó dígírì 150. 34 kùnà níwájú gbogbo wọn. 80 sì yege níwájú gbogbo wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń dúró lé 10d bí mi ò bá tíì mọ èwo ni ẹnjiníà fi ya iṣẹ́ náà.

Ohun tó burú jù ni pé ẹ lè má rí i. Ayọnbẹ́ńdà tí irin kúrú mọ́ lọ́wọ́ kì í wá bá yín pé irin kúrú. Ó mọ bí yóò ṣe dọ́gbọ́n sí i. Dípò 135, ó máa ń tẹ ìkọ́ ní 90 péré, torí pé 90 kò jẹ irin tó bẹ́ẹ̀, ìrù á sì dà bíi pé ó gùn. Ní ojú, ríìngì náà mọ́ tónítóní. Mo ti dúró níbi iṣẹ́ kan tí wọ́n ti to ríìngì jọ bí òkè, tí mo fa mẹ́ta yọ láti àárín, tí gbogbo wọn sì rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó tẹ̀ wọ́n fi fóònù rẹ̀ hàn mí, fọ́múlà yẹn gan-an ló wà lójú rẹ̀. Mi ò lè bú u. Mo jókòó tì í, a fi ṣọ́ọ̀kì ya ríìngì náà sí ilẹ̀, a rìn ín yí ká.

Kí ni 90 fi yàtọ̀ sí 135? Ìrù tó tẹ̀ ní 90 sùn tì ara apá kejì ríìngì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bà. Kọ́ńkéré kọ́bà nìkan ni kò jẹ́ kó ṣí. Bí kọ́bà bá bó, bóyá nítorí ìpẹtà, iná, tàbí ìmìtìtì ilẹ̀, kò sí ohun tó di ìkọ́ mú mọ́, ríìngì á yanu. Nínú òpó, ìgbà yẹn gan-an ni irin ńlá máa ń fẹ́ tẹ̀ síta, ríìngì ló sì yẹ kó dá a dúró. Ìrù tó tẹ̀ ní 135 ti wọnú àárín kọ́ńkéré, ibi tí kì í bó. Kọ́bà lè lọ, òun á ṣì dúró.

Mo mọ ìdí mìíràn tí 1264 fi dùn mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn nínú. Irin mítà 12 ni wọ́n sábà máa ń kó wá. Ní 1264, ríìngì 9 á jáde nínú irin kan. Ní 1360, 8 ni, 1120 á sì ṣẹ́kù. Kò sẹ́ni tí kì í dun. Bí ẹnjiníà tó fọwọ́ sí àwòrán bá fọwọ́ sí i ní kíkọ pé EN 1992 lásán ló ń tẹ̀lé, tí kò sí ọ̀rọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ níbẹ̀, ẹ lè gé e ní 1330. Ìrù á jẹ́ 67, ríìngì 9 á jáde, ọgbọ̀n mílímítà á sì kù fún ojú ibi tí wọ́n ti gé e. Ẹ ṣàkíyèsí pé mo ní ẹnjiníà tó fọwọ́ sí i. Kì í ṣe èmi, kì í sì í ṣe ẹni tó ń tẹ irin. Ohun tí ó ṣẹ́kù ní 1120 náà kì í ṣe ìdọ̀tí, ẹ kó o pamọ́ fún ríìngì òpó.

Kí ẹ tó gé gbogbo rẹ̀, ẹ gé ọ̀kan. Mi ò lè pariwo èyí tó. Ẹ tẹ ẹ́ lórí tábìlì tí wọn yóò lò gan-an, pẹ̀lú èèkàn tí wọn yóò lò gan-an, kẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹ wọn ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn: 200 àti 400. Ẹ wọ̀n ọ́n láti igun sí igun ní ọ̀nà méjèèjì, kí méjèèjì dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó ti wọ́. Lẹ́yìn náà ẹ wọn ìrù láti ibi tí irin ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ lẹ́yìn ìtẹ̀. Bí ó bá jẹ́ bíi 80, ẹ ti ṣe tán. Ẹ gbé e sínú pákó bíìmù. Bísíkíìtì 25, ègé kọ́ńkéré kékeré tí kì í jẹ́ kí irin kan pákó, yẹ kó wọ àárín ríìngì àti pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì láìsí ìjà. Abẹ́ ríìngì sì ni bísíkíìtì ìsàlẹ̀ ń dúró sí. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ki bísíkíìtì bọ abẹ́ irin ńlá láàárín ríìngì méjì, tí ríìngì wá fẹ̀yìn kan pákó tán.

Ẹ wo èèkàn náà dáadáa. Ọ̀pọ̀ tábìlì ló jẹ́ pé ìṣó ńlá tàbí irin wẹ́rẹ́ kan ni wọ́n kàn mọ́ ọn. Kì í ṣe gígùn ló ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀. Bí èèkàn bá jẹ́ 16 dípò 32, gbogbo gígùn tẹ́ ẹ nílò kò yí ju bíi 12 lọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni irin fúnra rẹ̀. Irin tó yí orí bírí lára nǹkan tín-ín-rín lè là ní ẹ̀yìn. Ẹ fi èékánná tọ́ ẹ̀yìn igun náà. Bẹ́ ẹ bá kan ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dá irin ní ìbú, ẹ jù ú nù. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n nà án kí wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ torí pé wọ́n ṣì í tẹ̀, ibi tí wọ́n ti tẹ̀ tí wọ́n tún nà yẹn kò ní agbára rẹ̀ mọ́.

Ó wá kan iye. Ẹ pín 4000 sí 150, 26 àti díẹ̀ jáde, ẹ sọ díẹ̀ nù. Àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀. Ẹ na ọwọ́ yín kan. Ìka márùn-ún, àlàfo mẹ́rin. Ohun tí pínpín ń fún yín ni àlàfo. Ríìngì fi ọ̀kan ju àlàfo lọ.

Èkejì ni pé ríìngì àkọ́kọ́ kì í lẹ̀ mọ́ ojú òpó. Ó sábà máa ń wà ní 50 sí ojú òpó, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìkẹyìn lápá kejì. Ibi tí ríìngì tò sí wá jẹ́ 3900. 3900 pín sí 150 jẹ́ 26 géérégé. Àlàfo 26, ríìngì 27. Bí ìpín bá bọ́ sí 26 àti díẹ̀, 27 ni àlàfo, ẹ pín ibẹ̀ dọ́gba kí àlàfo lè dín díẹ̀ ní 150. Ẹ kò gbọdọ̀ gbé e wálẹ̀. Òpin ni 150 jẹ́ nínú àwòrán, àlàfo tó dín kò sọ ẹnikẹ́ni di ẹlẹ́bi, èyí tó lé ló ń sọ ọ́ dà.

Ṣùgbọ́n ṣé ó dá yín lójú pé 150 ló wà láti orí dé ìdí? Ẹ padà lọ wo àwòrán. Nínú ọ̀pọ̀ bíìmù, ríìngì máa ń pọ̀ lẹ́bàá òpó, ibẹ̀ ni agbára tó fẹ́ gé bíìmù ti ga jù. Ká ní wọ́n kọ ọ́ pé 100 fún 900 àkọ́kọ́ ní ìkángun méjèèjì, kí àárín jẹ́ 150. Ẹ ka àlàfo, ẹ má tíì ka ríìngì. Ìkángun kan ní àlàfo 9. Àárín jẹ́ 2100, àlàfo 14. Ìkángun kejì, 9. Àpapọ̀ 32. Ẹ wá fi ọ̀kan kún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: 33. Ẹni tó bá fi ọ̀kan kún apá kọ̀ọ̀kan á rí 10, 15 àti 10, ìyẹn 35, torí pé ó ti ka ríìngì tó wà ní ààlà lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú 33 yìí, irin mẹ́rin á bí 32. Ọ̀kan ṣoṣo ni yóò lé yín dé irin karùn-ún. Mo mọ ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n na àlàfo kan láti fi bo èyí tí kò sí. Ìyókù irin karùn-ún kò ní ṣòfò nígbà tí bíìmù mìíràn ṣì ń bọ̀.

Òpó kò yàtọ̀, gígé rẹ̀ náà jẹ́ 2(a + b) + 20d pẹ̀lú àdéhùn kan náà, kìkì pé kọ́bà rẹ̀ lè ju ti bíìmù lọ, ẹ kà á nínú àwòrán. Ibi tí wọ́n ti máa ń jìn sí kòtò ni iye. Òpó tó ga ní mítà 3 láti ilẹ̀ ìsàlẹ̀ dé òkè dẹ́ẹ̀kì, wọ́n á kà á dé abẹ́ bíìmù nìkan, wọ́n á fi 450 sílẹ̀ láìní ríìngì. Ibi tí bíìmù àti òpó ti pàdé gan-an nìyẹn. Ó ṣòro láti to ríìngì síbẹ̀ nígbà tí irin bíìmù ti gba inú rẹ̀ kọjá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gbàgbé rẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n. Ẹ ka gbogbo 3000. Ní àlàfo 200, 15 ni, ríìngì 16. Ibi tí irin ńlá bá ti gùn lé ara wọn, àwòrán sábà máa ń ní kí àlàfo dín, ẹ kà á lọ́tọ̀.

Mi ò rí àwòrán yín o, ohun tẹ́ ẹ kọ ni mo fi dáhùn. Bí ìwé àkójọ irin bá wà lára rẹ̀, iye tó wà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀lé. Bó bá jẹ́ 1260 tàbí nǹkan tó jọ ọ́ ló wà níbẹ̀ fún ríìngì yìí, ẹ pe ẹni tó fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ bi í léèrè bí ìrù tó lò ṣe gùn tó àti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Ní ti ẹni tó ń tẹ irin, ẹ ní kó tẹ ọ̀kan ní 1360 lónìí, kẹ́ ẹ fi tépù wọn ìrù rẹ̀ lójú rẹ̀, kẹ́ ẹ so ọ̀kan náà kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì rẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí.